Gbèsè Kì Í Ṣe Owó Ọwọ́: Ìtàn Àǹtí Télọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa)

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí sílẹ̀, kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà. Òun náà nìyí. Ìtàn ni o. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ojú ara yín pé ta ni akọ̀wé ń bá wí.

Télọ̀ kan wà, ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní Àǹtí Télọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dá lórí iṣẹ́. Tó bá rán bùbá fún ọ, kò ní fà ọ́ lábíyá, kò ní gbé ọ lẹ́yìn ọrùn. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, àti ìwé gbèsè kan tó nípọn.

Ẹ ó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní kí á kó náírà àtijọ́ lọ sí báńkì, tí tuntun kò sì jáde tó. Oṣù Èrèlé yẹn, èèyàn á ní owó ní báńkì, kò ní rí ẹgbẹ̀rún kan mú jáde. Àwọn kan ń fi owó ra owó. Tránsífà náà ń kọ́. Ó di oṣù Ẹrẹ́nà, ní ọjọ́ kẹta, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kí á ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún yẹn, síbẹ̀ ó tún pẹ́ díẹ̀ kí owó tó padà dé àárín ìlú.

Inú ìgbà yẹn ni aṣọ Àjíǹde àti aṣọ ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí. Àjíǹde jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe, ìtúnu ààwẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kọkànlélógún. Àwọn oníbàárà ń kó aṣọ wá, gbogbo wọn sì ń sọ ohun kan náà: "Àǹtí, ẹ bá mi rán an ná. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ìlú ṣe rí. Bí owó bá ti jáde ní báńkì, mo máa mú tiyín wá." Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Àǹtí Télọ̀ ronú pé bí òun bá kọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó gbà.

Aṣọ ọgọ́ta ló rán láti oṣù Èrèlé títí di ìtúnu ààwẹ̀, ₦6,000 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mẹ́wàá péré ni wọ́n san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ₦60,000, èyí sì bá oúnjẹ, owó iléèwé ọmọ àti ohun èlò lọ. Àádọ́ta tó kù, àwìn ni. Ènìyàn méjìlélógún ló pín in láàárín ara wọn. Nígbà tí ó ro ìwé gbèsè rẹ̀ pọ̀ ní ìparí oṣù Igbe, ó rí ₦300,000. Inú rẹ̀ dùn. Kò rí iye bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ rí.

Ẹ wò ó dáadáa o, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kí aṣọ kan tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀, làínìn, sítéè, síìpù, bọ́tìnnì, òwú àti pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ ti gba tó ₦2,000. Owó wọ̀nyí, kò sí èyí tí wọ́n ta fún un pẹ̀lú "tí báńkì bá ṣí" nínú wọn, àfi ti ẹnì kan ṣoṣo. Aṣọ àádọ́ta, ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Níbo ló ti rí i? ₦40,000 jẹ́ owó tó ti ń kó jọ láti fi san owó ṣọ́ọ̀bù. ₦60,000 jẹ́ ọjà àwìn tó gbà lọ́wọ́ Ìyá Olówùú tó ń ta ohun èlò ìránṣọ ní ọ̀nà kejì. Nítorí náà, nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn sí ₦300,000, owó tirẹ̀ ló ti jáde lọ, gbèsè sì ti wọlé. Ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń ro ìwé yẹn jẹ́ ₦4,200.

Àmọ́ Àǹtí Télọ̀ kò wo àpò. Ìwé ló wò. Ó ní: "Tí mo bá yọ ₦60,000 Ìyá Olówùú kúrò, ó ku ₦240,000. Tí mo bá yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ₦120,000, ó ku ₦120,000. Ẹ̀rọ wípìn àlòkù jẹ́ ₦90,000. Mo ti rà á nìyẹn." Ó gba owó àjọ rẹ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó fi ₦30,000 ṣe àsansílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, ó ní òun á san èyí tó kù kí oṣù Òkúdù tó parí. Owó tí kò tíì rí ló ti ná.

Gbígba gbèsè wá bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Èbìbí sí àárín oṣù Òkúdù, ènìyàn mẹ́sàn-án san tiwọn pé, aṣọ ogún, ₦120,000. Ẹ ó ní ìyẹn kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ bí ó ṣe ń wọlé ni kó yé yín. Lónìí ₦2,000, lọ́la ₦3,000, nígbà míì ₦1,500 tí wọ́n ká mọ́ra bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Owó tó bá wọlé báyìí, ọbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ní láti jẹun, ó sì ní láti ra làínìn fún iṣẹ́ Iléyá tó ń bọ̀. Ó san ₦30,000 fún Ìyá Olówùú, ó ku ₦30,000. Ó di àárín oṣù Òkúdù, ₦14,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kejì tún ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Èbìbí ni ààrẹ tuntun sọ pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, pẹtiróòlù tó wà ní bíi ₦200 lítà kan nílé epo ti di ₦500 tàbí kó lé. Ní oṣù Agẹmọ ó tún kọjá ₦600. Ọkọ̀ gbówó lórí, ọjà tí ọkọ̀ ń gbé náà gbówó lórí. Ẹni tó jẹ Àǹtí Télọ̀ ní ₦6,000 láti oṣù Ẹrẹ́nà, tó wá san ₦6,000 ní oṣù Agẹmọ, ó san gbèsè rẹ̀ pé, kò sí ẹni tó máa pè é ní olè. Ṣùgbọ́n owó kan náà kò lè ra ohun tó lè rà ní oṣù Ẹrẹ́nà. Àwìn ti jẹ nínú rẹ̀ kí ó tó dé. Èyí kò sí nínú ìwé gbèsè. Ìwé gbèsè á ṣì máa ka ₦6,000 lójú rẹ títí.

Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà, àwọn òṣómàáló, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ń gbé aṣọ káàkiri ìletò àti oko, wọ́n ń tà á láwìn. Bí ó bá di ọjọ́ gbígba owó, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Inú iye tí wọ́n dá lé aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wàhálà rírìn àti ìdúró mọ́ ọn. Iye àwìn wọn kì í ṣe iye owó ọwọ́. Télọ̀ tiwa yìí ń gba iye owó ọwọ́, ó sì ń ṣe ìdúró àwìn. (Lílóṣòó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò lójú pópó. Ayé ti yí.)

Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí onílé dé. Àǹtí Télọ̀ lọ bá Ìyá Olówùú, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun lórí ₦30,000 tó kù.

Ìyá Olówùú ní, "Dìde, jókòó. Ṣé wọ́n jẹ ọ́ lówó ni?"

"Wọ́n jẹ mí, mà. ₦180,000 ló wà nínú ìwé mi báyìí."

"Ó dáa. Èmi náà, wọ́n jẹ mí. Ìwọ gan-an wà nínú ìwé tèmi. Ọjọ́ tí mo bá dé Gbági láti ra òwú, ṣé kí n sọ fún wọn pé Àǹtí Télọ̀ ní ₦30,000 mi lọ́wọ́?"

Àǹtí Télọ̀ kò lè dáhùn. Ó ti ń rò pé owó òun ló wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kò mọ̀ pé òun náà jẹ́ ìlà kan nínú ìwé ẹlòmíràn, àti pé ẹlòmíràn ń fi ìlà yẹn ṣe ìṣirò.

Ìyá Olówùú kò kàwé púpọ̀, àmọ́ ó mọ ọjà. Ó ní kó lọ mú ìwé gbèsè rẹ̀ wá. Wọn kò ro ó pọ̀ mọ́. Wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè méjì péré lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan: níbo ni aṣọ náà wà, àti ìgbà wo ni onítọ̀hún mú owó wá kẹ́yìn? Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ni Ìyá Olówùú ń fi bírò sàmì.

Àwọn mẹ́ta wà tí aṣọ wọn ṣì so kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, aṣọ mẹ́jọ, ₦48,000. Wọ́n ti rán an tán, wọn kò wá gbé e. Ìyá Olówùú ní èyí ló dára jù nínú gbogbo gbèsè, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ á wá. Ó ní kó kà á sí owó, kó sì ránṣẹ́ sí wọn lónìí.

Àwọn márùn-ún mìíràn ti gbé aṣọ lọ, aṣọ mẹ́wàá, ₦60,000, àmọ́ wọ́n ń mú díẹ̀díẹ̀ wá lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá Olówùú ní, "Èyí máa wá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa wá kí onílé tó dé. Ka ìdajì."

Àwọn mẹ́ta kan ń yí ọjọ́ padà, aṣọ méje, ₦42,000. Lónìí Jímọ̀, lọ́la Mọ́ńdè, lẹ́yìn náà "tí ọkọ mi bá gbowó oṣù". Wọn kò tíì mú kọ́bọ̀ wá láti ìgbà tí wọ́n ti gbé aṣọ. Ìyá Olówùú ní kó má pa wọ́n rẹ́, kó ṣì máa lọ bá wọn, àmọ́ kó má ka náírà kan nínú rẹ̀ mọ́ ti oṣù yìí. Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n nìyẹn, ẹ̀yin ìyá mi: ẹni tó ní kò sí, tó sì mú ₦500 wá, yàtọ̀ sí ẹni tó ń fún ọ ní ọjọ́ tuntun lófìfo. Ọjọ́ tí ó yí padà lẹ́ẹ̀mẹta láìsí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ti ń sọ nǹkan fún ọ.

Àwọn méjì tó kù, aṣọ márùn-ún, ₦30,000. Ọ̀kan ti kó kúrò ní àdúgbò, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìkejì ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti oṣù Èrèlé, ó sì fi àwòrán tránsífà hàn lórí fóònù lọ́jọ́ tó gbé aṣọ. Owó náà kò wọ àpò báńkì Àǹtí Télọ̀ rárá. Ní àkókò yẹn tránsífà púpọ̀ ló ń kọ́ lọ́nà, báńkì a sì dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ìwé báńkì ẹni yẹn ló máa fi hàn bóyá owó padà sí i, ó sì kọ̀ láti mú un wá. Àwòrán kì í ṣe owó. Orí fóònù tìrẹ, nínú àpò báńkì tìrẹ, ni kí o ti rí i kí aṣọ tó jáde. Ìyá Olówùú fa igi lé ₦30,000 yìí.

Wọ́n wá ṣírò. ₦48,000 àti ₦30,000 jẹ́ ₦78,000. Tí a bá fi ₦14,000 ọwọ́ rẹ̀ kún un, ₦92,000. Owó tó gbọ́dọ̀ jáde lóṣù yẹn jẹ́ ₦150,000: ti onílé ₦120,000 àti ti Ìyá Olówùú ₦30,000. Ó kù ₦58,000. Obìnrin tó ní ₦180,000 nínú ìwé! Ó bú sẹ́kún. Ìyá Olówùú jẹ́ kó sunkún díẹ̀, ó wá ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù. Ká ní ọjọ́ tí onílé dé lo mọ̀, kí lo máa ṣe?"

Ó lọ bá ẹlẹ́rọ wípìn lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ò lè rà á mọ́. Onítọ̀hún yọ ₦5,000 nínú àsansílẹ̀, ó dá ₦25,000 padà. Ó lọ bá onílé kí ọjọ́ tó pé, ó bẹ̀ ẹ́ kó gba ₦80,000 báyìí, kó gba ₦40,000 ní ìparí oṣù Ògún. Onílé kùn, àmọ́ ó gbà, nítorí ẹni tó wá ṣáájú ọjọ́ kò dà bí ẹni tí a ń wá kiri. Àwọn tó ní aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wá kí Iléyá tó dé, ₦42,000 nínú ₦48,000. Aṣọ kan ṣì so kọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń san díẹ̀díẹ̀ mú ₦34,000 wá. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú tọwọ́ rẹ̀ àti ti ẹ̀rọ jẹ́ ₦115,000. Ó san ₦80,000 fún onílé, ó san ₦30,000 fún Ìyá Olówùú, ó ku ₦5,000. Ṣọ́ọ̀bù kò tì.

Kó tó di ọdún Kérésìmesì, ₦26,000 tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń san díẹ̀díẹ̀ ti wọlé. Àwọn tó ń yí ọjọ́ padà san ₦18,000 nínú ₦42,000. Èyí tí kò wá mọ́ láé jẹ́ ₦60,000, aṣọ mẹ́wàá, pẹ̀lú èyí tó so kọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí á wo èyí díẹ̀. Aṣọ tí wọ́n san pé ń mú ₦4,000 wá lẹ́yìn ohun èlò. Aṣọ tí wọn kò san ti gba ₦2,000 ohun èlò lọ. Torí náà, gbogbo èrè aṣọ márùn-ún tó dáa ló fi tún ohun èlò aṣọ mẹ́wàá yẹn ṣe, kí á tó sọ̀rọ̀ òru tí kò sùn.

Ohun tó yí padà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò pọ̀. Kò ní òun ò tà láwìn mọ́. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa yìí, kò ní rí aṣọ rán. Ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì kò ní kan aṣọ mọ́ bí owó ohun èlò kò bá wọlé, ìyẹn ₦2,000 nígbà náà, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Bí oníbàárà kò bá tiẹ̀ padà wá, owó àpò òun kò bá a lọ. Èyí tó kù, wọ́n á san án kí aṣọ tó kúrò lára ìkọ́. Ó sì ní ìwé méjì báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ti owó tó wọlé àti owó tó jáde, kìkì èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti àwìn, ọjọ́ tí aṣọ jáde àti ọjọ́ tí owó kẹ́yìn wọlé wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ní alẹ́ Sátidé, ìwé àkọ́kọ́ ló fi ń mọ ohun tí òun lè rà. Ìwé kejì ló fi ń mọ ilé tí òun máa lọ ní Mọ́ńdè.

Àwọn oníbàárà kan bínú. Ìyá kan tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ ká aṣọ rẹ̀ padà, ó ní, "Àǹtí, ṣé èmi náà lẹ fẹ́ gba ₦2,000 lọ́wọ́ mi kí ẹ tó gé aṣọ?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ẹ má bínú. Ìyá náà lọ, kò padà wá. Ọdún Kérésìmesì yẹn, aṣọ mọ́kànlélógójì ló rán, kò tó ọgọ́ta. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀pẹ, aṣọ mẹ́ta péré ló kù nínú ìwé kejì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ aṣọ òkú fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó rán ìyẹn láìgba nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí òun má ka owó rẹ̀.